Mẹ́mò sí ọ̀gá tó ń náwó: iṣẹ́ ti falẹ̀, a sì fẹ́ yí fọndéṣọ̀n padà

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń mójú tó ilé ìwé oníkíláàsì mẹ́ta tí ọmọ abúlé wa kan tó wà lókè òkun ń kọ́ fún wa lẹ́bàá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Omi yọ nínú kòtò fọndéṣọ̀n, iṣẹ́ ti dúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún, injiníà ní ká yí i sí ráfùtì, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ kan ṣoṣo tó máa gbé gbogbo ilé. Báwo ni mo ṣe máa kọ mẹ́mò sí ọ̀gá yìí tó fi máa gbà láì rò pé mo ń fowó ẹ̀ ṣeré?

Ohun tí mo ti kọ rèé:

"Ọ̀gá mi sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á túbọ̀ máa pèsè. Bí ẹ ṣe mọ̀, Jánúárì 13 la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú gbogbo abúlé ló dùn. Nígbà tó di Fẹ́búárì 3, omi àti ẹrẹ̀ dúdú yọ ní ẹ̀yìn ilé, a ò sì lè da kọnkéré sí i. Irin náà tún pẹ́ kó tó dé. Gbogbo ẹ̀ ti gba ọ̀sẹ̀ méje lọ́wọ́ wa, márùn-ún nítorí omi, méjì nítorí irin. Injiníà ní ráfùtì ló lè gbé ilé náà, mílíọ̀nù 14 náírà ni, mílíọ̀nù 6.2 sì ló wà nínú bajẹ́ẹ̀tì fún fọndéṣọ̀n, ìyẹn ni pé ó ku mílíọ̀nù 7.8. Ilé ò ní lè parí ní Júláì 25 mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fojú àánú wò ó."

---

Àkànní Símẹ́ńtì
Ọ̀rẹ́, ṣé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lo ń sunkún sí? Bíríkìlà mélòó ló wà ní sáìtì? Tó bá jẹ́ mẹ́fà, sọ ọ́ di méjìlá, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ Sátidé, wàá lé e bá. Má kọ mẹ́mò tó máa dẹ́rù ba oníowó, sọ fún un pé o ti mú èèyàn kún un. Mo ti ń kó símẹ́ńtì fún sáìtì láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Ìtòíkín, mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ dáadáa.

---

Ìyá Sáìtì
Kọ́lé, ẹ kú ìdúró. Ìkòròdú ni mo wà, iṣẹ́ tìẹ yìí lèmi náà ń ṣe, mo sì ti kọ irú mẹ́mò yìí kọjá ohun tí mo lè kà.

Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni pé mo ka tìẹ tán, mi ò mọ ohun tí o fẹ́ kí ọ̀gá ṣe. O ní kó fojú àánú wò ó. Kí ló máa fojú àánú wò? Ṣé owó ni, ṣé ọjọ́ ni, ṣé ráfùtì ni? Kò sí ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi dáhùn níbẹ̀ rárá. Ẹni tó wà lókè òkun, orí fóònù ló ti máa kà á, nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́, ìlà méjì àkọ́kọ́ ló máa kà dáadáa. Ohun tí o fẹ́ kó gbà, iye tó jẹ́, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ gbà á, ibẹ̀ ni kó wà. Ìkíni lè tẹ̀ lé e.

Kí n tó sọ ìyókù, dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Ọjọ́ wo gan-an ni irin yẹ kó dé, ọjọ́ wo ló dé? Mílíọ̀nù 14 ti ráfùtì yẹn, ṣé o ti yọ owó jámánì flóò, kọnkéré tí à ń dà sí ilẹ̀ inú ilé, kúrò nínú bajẹ́ẹ̀tì àtijọ́? Ìgbà wo làwọn ọmọ máa wọ ilé ìwé?

Àkànní, ọ̀rọ̀ ẹ kì í ṣe irọ́, ó kàn jẹ́ pé ibi tó bọ́ sí kò pọ̀. Mímọ búlọ́ọ̀kù àti rírẹ́ ògiri, òótọ́ ni, bí o bá mú èèyàn kún un ó máa yá. Ṣùgbọ́n kọnkéré ráfùtì tí a bá dà lónìí, ọgọ́rùn-ún bíríkìlà ò lè mú kó gbó kíákíá. Ó kéré tán ọjọ́ méje la ó fi máa bomi rin ín ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù lé e. Àti pé ní báyìí, kí lẹni méjìlá fẹ́ ṣe nínú kòtò omi?

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Ẹ ṣé mà. Irin: Fẹ́búárì 10 ló yẹ kó dé, 24 ló dé. Sẹ̀tẹ́ńbà làwọn ọmọ máa wọlé.

Jámánì flóò… mà, mi ò yọ ọ́ o. Mílíọ̀nù 3.4 ló wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi pé ráfùtì yẹn fúnra ẹ̀ ló máa jẹ́ ilẹ̀ ilé.

---

Ìyá Sáìtì
Ẹ̀n-ẹ́n. Wò ó báyìí. Mílíọ̀nù 14, yọ 6.2 ti fọndéṣọ̀n àtijọ́, yọ 3.4 ti jámánì flóò, mílíọ̀nù 4.4 ló kù, kì í ṣe 7.8. Ká ní o ti fi 7.8 ránṣẹ́, tí ọ̀gá sì fi han injiníà míì tó mọ̀, kò ní gbàgbọ́ pé àṣìṣe ni, á rò pé o fẹ́ jẹ níbẹ̀. Látọjọ́ náà lọ kò sí iye tí wàá kọ tí kò ní yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Irin ńkọ́. Láti Fẹ́búárì 3 ni sáìtì ti dúró nítorí omi. Nígbà tí irin fi pẹ́, láti 10 sí 24, omi ṣì wà nínú kòtò. Ká tiẹ̀ ní irin dé lọ́jọ́ kẹwàá, kí lo fẹ́ fi ṣe? Orí ilẹ̀ ló máa wà. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn wà nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún tẹ́lẹ̀, o ò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la pàdánù, kì í ṣe méje. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ irin pamọ́ o, kọ ọ́ sí ìlà kan pé ó pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àmọ́ kò dá ọjọ́ kankan dúró, torí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ á sọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Ti ọmọ ilé ìwé, ohun tó dun ọ̀gá nìyẹn. Júláì 25 kò já mọ́ nǹkan fún un tó bí o ṣe rò, Sẹ̀tẹ́ńbà ni. Àyè tó wà láàárín méjèèjì, sọ fún un bó ṣe pọ̀ tó tẹ́lẹ̀ àti èyí tó kù báyìí.

---

Bàbá Agbowó
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Irú lẹ́tà yìí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì àti àdírẹ́sì tó ṣeé gbára lé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe kíláàkì, lẹ́tà tí ò bá ní kọ́pì mẹ́ta, a ò kì í gbà á. Bí o bá fẹ́ kọ́lé lórí ilẹ̀ omi, gba àṣẹ o, kí wọ́n má baà wá kun ún ní X pupa.

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Ẹ ṣé sà. Kì í ṣe ìjọba ni mò ń kọ̀wé sí sà, ọ̀gá tó ń náwó ni. A ti gba àṣẹ ìkọ́lé láti ọdún tó kọjá.

---

Ìyá Sáìtì
Bàbá, ẹ ṣe é gan-an, ẹ ti ràn wá létí nǹkan tí èmi gan-an fò kọjá. Kọ́lé, pílánù ilé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá, fọndéṣọ̀n oníkòtò ló wà nínú ẹ̀ àbí? Àwọn LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, máa ń wá wo irin kí ẹ tó da kọnkéré. Bí wọ́n bá dé bá ráfùtì tí pílánù sì ń sọ nǹkan míì, wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró. Ìdádúró kejì nìyẹn, kò sì sí nínú mẹ́mò ẹ. Bi injiníà bóyá ó ti ń tún pílánù yẹn ṣe, kí o sì bi wọ́n ní ọ́fíìsì ohun tí wọ́n fẹ́. Bí o kò bá tíì rí ìdáhùn kí o tó kọ̀wé, kọ ọ́ pé ọjọ́ tí o dá dúró lórí èyí.

---

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì
Kí n sọ tèmi fún yín, ó ṣì ń dùn mí. Yàrá tútù fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja ni, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń gbé, ilé iṣẹ́ kan ló ń náwó. Bátìrì tí a kọ sí ìwé kò sí lọ́jà mọ́, mo rí òmíì tó wọ́n jù ú lọ, mo fi sórí Wáásápù fún ẹni tó ń bójú tó owó, ó fi àtàǹpàkò lé e. Mo rà á. Nígbà tó kù ká sanwó, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí i, wọ́n ní àtàǹpàkò yẹn túmọ̀ sí pé òun ti rí i. Ẹni yẹn gan-an ti kúrò níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi san gbèsè náà fún oníbátìrì.

Àbúrò, má fi ẹyọ òkúta kan lélẹ̀ àyàfi tó bá kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara ẹ̀ pé mo gbà, mo gbà èwo, iye báyìí, ọjọ́ báyìí. Kí o sì bi í bóyá òun nìkan ló ní àṣẹ owó, torí tiwa, ìgbìmọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ̀.

---

Títí Lókè Òkun
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń náwó, torí mo ti kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan sí ìlú wa, irú mẹ́mò tí Kọ́lé kọ yẹn ni wọ́n máa ń kọ sí mi.

Bí mo bá ka "omi yọ", ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ṣé òótọ́ ni, tàbí òjò rọ̀ sínú kòtò tí wọn ò tètè da kọnkéré sí? Ìyẹn ni pé mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe mọ̀. Èkejì, kí lẹ ṣe fún odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Ẹ̀kẹta, ẹ máa tún pè mí lóṣù tó ń bọ̀? Bí mẹ́mò bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa ń fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí kò bá dáhùn wọn, mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi nílé kó lọ wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì tún ti lọ nìyẹn.

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Àǹtí Títí, mo mọ̀ pé kì í ṣe òjò. Fẹ́búárì ni, ilẹ̀ gbẹ, òjò ò rọ̀. A gbé pọ́ǹpù wá, a fa omi yẹn títí tó fi gbẹ pátápátá ní ìrọ̀lẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri kòtò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti padà sí ẹnu ìlà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, ibì kan náà ló ń padà sí.

Ẹrẹ̀ náà, bíríkìlà wa kan mú irin mílímítà 12 kan tó gùn, ó tì í sínú ilẹ̀ kòtò náà, ọwọ́ lásán, kò fi òòlù lù ú, ó wọlé ju mítà kan lọ kó tó kan nǹkan líle. Ní iwájú ilé, irin kan náà kò wọlé ju ìka mẹ́rin. Fídíò ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a fi ọ̀sẹ̀ kan fa omi, a fi méjì dúró de àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ wò, injiníà fi méjì tún fọndéṣọ̀n yà.

---

Ìyá Sáìtì
Kọ́lé! Kí ló dé tí gbogbo èyí ò sí nínú mẹ́mò? Ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn àti irin yẹn lágbára ju gbogbo àdúrà tí o kọ síbẹ̀ lọ. Ó tún ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ ráfùtì: iwájú le, ẹ̀yìn rọ̀, bí a bá ṣe é lóníkòtò, ẹ̀yìn á rì, iwájú á dúró, ògiri á là níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ráfùtì á gbé gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n má gbé ráfùtì nìkan síwájú ẹ̀. Oníowó tí o bá fún ní ọ̀nà kan ṣoṣo máa ń rò pé o fipá mú òun. Kí ni injiníà sọ nípa ká kó ẹrẹ̀ yẹn kúrò ká fi yanrìn dí i?

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Ó ní ó lè tó mílíọ̀nù 3, àmọ́ òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí bí a ṣe ń kó o lẹ̀gbẹ́ kòtò á máa ya wọlé, pọ́ǹpù á sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. Ọ̀nà kẹta ni ká yọ kíláàsì ẹ̀yìn, ká kọ́ méjì síbi tó le. Ìyẹn ò ní gba owó kún un.

---

Ìyá Sáìtì
Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti yanrìn, sọ pé ó dà bí ẹni pé ó dínwó ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí owó ẹ̀ máa dúró. Ti kíláàsì méjì, òun ló nílé, ó lè wù ú, kó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn wà. Lẹ́yìn náà sọ èyí tí ìwọ fẹ́ àti ìdí ẹ̀.

Owó àìròtẹ́lẹ̀ mélòó ló wà nínú bajẹ́ẹ̀tì?

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Mílíọ̀nù 3 mà.

---

Àkànní Símẹ́ńtì
Kó ná gbogbo ẹ̀ o! Nítorí irú ọjọ́ báyìí ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Á wá ku mílíọ̀nù 1.4 péré tó máa béèrè, ọ̀gá á tètè gbà.

---

Ìyá Sáìtì
Mi ò fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ la ṣì wà, òrùlé ò tíì dé, pákó àti páànù lè wọ́n sí i lóla. Bí ó bá ná gbogbo ẹ̀ lónìí, wọ́n á tún béèrè owó lóṣù Júùnù, ohun tí Títí sọ pé òun ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ná mílíọ̀nù 2, fi 1 sílẹ̀ fún òrùlé, béèrè 2.4. Kó o sì sọ fún un pé o fi 1 sílẹ̀.

---

Àkànní Símẹ́ńtì
Èmi ṣì rò pé iye tó kéré ló máa ń yára wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n mà. Ìbéèrè mi kan rèé: kí ló dé tí ẹ ò yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Jánúárì, èmi àti ọ̀gá jọ sọ ọ́ lórí fóònù, ó ní ká fi owó yẹn pamọ́, ilé ilẹ̀ lásán ni. Èmi náà gbà. A gbẹ́ ihò kan níwájú, ó le, a ní ó ti dáa. A ò gbẹ́ ẹ̀yìn.

Ṣé kí n kọ ọ́?

---

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì
Má kọ ọ́! O fẹ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn, o wá ń sọ pé òun ló fà á. Á bínú pa ìwé dé.

---

Ìyá Sáìtì
Kọ ọ́, ṣùgbọ́n má fi orúkọ ẹ̀ sí i. "Ihò kan péré la gbẹ́ ní Jánúárì, iwájú ni, a ò yẹ ẹ̀yìn wò." Ìwọ lo mọ iṣẹ́, ìwọ ló yẹ kó o kìlọ̀ fún un. Òun náà á rántí ohun tó sọ.

---

Títí Lókè Òkun
Tèmi ni pé màá bínú bó o bá kọ ọ́, màá bínú bí o kò bá kọ ọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ, a ò ní bá ara wa ṣiṣẹ́ mọ́. Mi ò mọ bí ọ̀gá tìẹ ṣe rí.

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, Máàṣì 10.

"Ọ̀gá mi sà, mo fẹ́ kí ẹ gbà kí a yí fọndéṣọ̀n sí ráfùtì, kí ẹ fi mílíọ̀nù 2.4 náírà kún un, kí ọjọ́ ìparí sì kúrò ní Júláì 25 sí Ọ́gọ́ọ̀sì 22. Mo nílò èsì yín kó tó di Fráìdé, Máàṣì 14.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ní Fẹ́búárì 3, omi àti ẹrẹ̀ dúdú yọ ní ẹ̀yìn ilé. Ọjọ́ mẹ́ta la fa omi náà gbẹ, ó ń padà síbì kan náà lóru, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Fídíò wà nísàlẹ̀, ẹ ó rí bí irin ṣe wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ihò kan péré la gbẹ́ ní Jánúárì, iwájú ni, mi ò yẹ ẹ̀yìn wò, ó sì yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Irin pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n sáìtì ti dúró kó tó dìgbà yẹn, kò fi ọjọ́ kankan kún un.

Ráfùtì jẹ́ mílíọ̀nù 14. Fọndéṣọ̀n àtijọ́ àti jámánì flóò tí a ò ní ṣe mọ́ jẹ́ 9.6. Nínú 4.4 tó kù, a ó mú 2 nínú owó àìròtẹ́lẹ̀, a ó fi 1 sílẹ̀ níbẹ̀ fún òrùlé. Ọ̀nà méjì míì wà: ká fi yanrìn dípò ẹrẹ̀, injiníà ò lè sọ iye tó máa dé, tàbí ká kọ́ kíláàsì méjì, kò ní gba owó kún un. Ráfùtì ni mo dámọ̀ràn, torí kíláàsì mẹ́ta làwọn ọmọ nílò.

Bí ẹ bá gbà ní Fráìdé, a ó bẹ̀rẹ̀ ní Máàṣì 17, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ. A ó gba méjì padà nígbà rírẹ́ ògiri, a ó lo ikọ̀ méjì, mítà la fi ń sanwó wọn, kò fi owó kún un. Òrùlé á bọ́ sí Júùnù, ìgbà tí òjò ń rọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ṣèlérí pé a ó gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì padà lọ. Bí èsì bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ìparí á bọ́ sí Sẹ̀tẹ́ńbà 5, kò ní sí àyè kankan kí àwọn ọmọ tó wọlé. Injiníà ti ń tún pílánù ṣe fún ìjọba, ọjọ́ tí mo dá yìí dúró lórí pé wọ́n gbà á kí a tó da kọnkéré.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ọ́ padà fún mi: mo gbà ráfùtì, iye, ọjọ́. Bí ẹlòmíì bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, ẹ sọ fún mi."

---

Ìyá Sáìtì
Fi ránṣẹ́.

---

Kọ́lé Etí-Ọ̀sà
Ẹ kú àárọ̀ o. Ó pè mí láago mẹ́fà ìdájí. Ó ní òun gba ráfùtì àti owó, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú iye, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sọ nǹkankan nípa ihò Jánúárì. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́, ó ní òun ti sọ fún àwọn àgbà abúlé pé Júláì ni wọ́n máa ṣí i, kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra mi kí òun tó kọ Ọ́gọ́ọ̀sì 22. Ọjọ́rú ni wọ́n máa jókòó. Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ra irin ráfùtì ṣáájú ìgbà yẹn àbí kí n dúró?

---

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì
Dúró. Owó ló gbà, kò tíì gba ọjọ́.

---

Àkànní Símẹ́ńtì
Ó ti kọ iye, irin kì í jẹrà lọ́jọ́ méjì. Ra á.